Èmi Ni Mo Ya Ẹ̀rọ Yẹn

Èmi ni mo yà á. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn sílẹ̀ ná, nítorí láti ìgbà tọ́rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí n gbàgbé, pé asáínmẹ́ǹtì lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ó dùn mí nígbà yẹn, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé kò dùn mí mọ́.

Àwa méjì ni. Èmi jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá rẹ̀ ń ta pákó ní ọjà Dei-Dei ní Àbújá, tí ilé wọn sì wà ní Dutse Alhaji. Ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ọmọ Èkìtì, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n ń gbé ní Life Camp. Ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì la ti pàdé, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, nítorí pé ní ìlà tí a jókòó sí, àwa méjèèjì nìkan la gbọ́ ara wa nígbà tí a bú olùkọ́ ìṣirò ní Yorùbá. Láti ọjọ́ yẹn a ò pínyà mọ́. Bí a bá pa ẹran Iléyá, ìyá mi á bu tiwọn sínú kúlà, màá sì gbé e lọ sí Life Camp. Bí Kérésìmesì bá dé, mọ́mì rẹ̀ á fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí wa ní Dutse. Obìnrin náà kì í pè mí lórúkọ. "Ọmọ mi" ló máa ń pè mí, mo sì gbà á gbọ́.

Iṣẹ́ ilé ìwé náà, a máa ń pín in ni. Òun ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, èmi ò ní. Èmi mọ bí a ṣe ń ro nǹkan jinlẹ̀ tí a ó sì yà á sórí ìwé, òun kò ní sùúrù rẹ̀. Nítorí náà èmi á yà á, òun á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ìwà òmùgọ̀ ni, nítorí ẹni tó ń jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun kọ kóòdù kò ní mọ kóòdù kọ láé. Ṣùgbọ́n ta ni í ro irú ìyẹn nígbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé?

Ọdún tó ṣáájú ọdún àṣekágbá wa ni tàífọ́ọ̀dù dá mi dùbúlẹ̀ lásìkò ìdánwò. Èsì mi bàjẹ́ débi pé ilé ìwé kọ lẹ́tà sí mi: bí mo bá tún fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ kan péré, màá tún gbogbo ọdún náà ṣe. Àbúrò mi obìnrin ti gba ìwé ìgbaniwọlé tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bàbá mi ní kó dúró kí n jáde ná. Ó ti ń dúró fún ọdún méjì, ó ń bá ìyá mi ránṣọ, kò sì sọ̀rọ̀ burúkú kankan sí mi rí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe lọ́dún àṣekágbá yẹn, òun ni mo ń wò.

Olùkọ́ kan wà tó ń kọ́ wa ní ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe láéláé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ó pín wa ní méjì méjì, ó fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Tiwa rèé: ká ya ẹ̀rọ kan tí yóò máa ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà a àti b nìkan kọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti òsì sí ọ̀tún, láìpadà sẹ́yìn. Bó bá kà á tán, kó gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ gbà ni èyí tí iye a inú rẹ̀ bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, tí b méjì kò sì tẹ̀ léra wọn níbi kankan nínú rẹ̀. Gbogbo ìyókù, kó kọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà, ká sọ àwòrán náà di kóòdù tó ń ṣiṣẹ́. Àwòrán ní máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kóòdù ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó wá fi kún un pé, "Màá pe ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjì láti wá ṣàlàyé kóòdù yín. Èmi ni màá yan ẹni náà. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, zero fún ẹ̀yin méjèèjì."

Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó fọwọ́ gbá mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Má worry jàre. Màá kọ́ ẹ."

Ní ọ̀sán Sátidé, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Dei-Dei. Lọ́ọ̀rì méjì ń já igi, ariwo kò jẹ́ ká gbọ́rọ̀. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí àwọn káfíńtà fi ń sàmì, mo ya òbìrípo mẹ́rin, róbótó róbótó, sórí pákó fífẹ̀ kan. Ẹ̀rọ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe irin, kò sì ní ọpọlọ. Kò rántí lẹ́tà tó ti kà kọjá. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni ipò tó wà báyìí, nítorí náà gbogbo ohun tó bá yẹ kó rántí gbọ́dọ̀ wà nínú ipò yẹn. Kí ló yẹ kó rántí? Nǹkan méjì: ṣé iye a tí a ti rí ṣeé pín sí méjì, àti ṣé b ni lẹ́tà tó kọjá gẹ́rẹ́. Méjì lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́rin. Bí mo ṣe dé orí òbìrípo mẹ́rin nìyẹn, òbìrípo kan fún ipò kọ̀ọ̀kan.

Mo fi ìṣó kan sórí ipò kìíní, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀, mo ní kí ó máa pe lẹ́tà.

"a," ó ní.

Mo gbé ìṣó lọ sí ipò kẹta. A kan la rí, kò ṣeé pín.

"b."

Ó di ipò kẹrin. Kò tíì ṣeé pín, b sì ni a rí gbẹ̀yìn.

"a."

Mo gbé ìṣó padà sí ipò kìíní. A ti di méjì. Ẹ̀rọ gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Inú mi dùn gan-an ni.

"Ó dáa," ó ní, "a, b, b."

Mo gbé ìṣó dé ipò kẹrin lẹ́ẹ̀kejì, mo wá gbé e kúrò lórí pákó pátápátá, mo jù ú sílẹ̀. B méjì ti tẹ̀ léra, kò sí lẹ́tà tó lè tún un ṣe mọ́. Ní òtítọ́, ipò karùn-ún yẹ kó wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ipò òkú, tó jẹ́ pé lẹ́tà yòówù tó bá dé, ibẹ̀ náà ló máa wà. Ṣùgbọ́n èmi kì í yà á. Nínú gbogbo àtẹ tí mo bá ṣe láti fi ipò tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbéni lọ hàn, ibi tí mo bá fi sílẹ̀ lófìfo, ọ̀rọ̀ ti kú síbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló sì máa ń fi ipò òkú sí i bó bá ń tẹ kóòdù. Nígbà àkọ́kọ́ tó bi mí ìdí tí n kò fi fa ọ̀nà kankan síbẹ̀, mo ní, "Òkú kì í béèrè ọ̀nà." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá mi yọ sí wa látẹ̀yìn. "Ta ló sọ pákó mi di bọ́ọ̀dù ilé ìwé?"

Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán sà. Ọmọ yín ni o."

"Ọmọ Èkìtì, ẹ̀yin méjèèjì ni. Oníbàárà tó bá ra èyí, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún un."

Mo da ohun tó wà lórí pákó kọ sínú ìwé pẹ̀lú pẹ́ńsùlù: òbìrípo mẹ́rin, àtẹ onílà mẹ́rin, ojú méjì lófìfo. Mo nù ún, mo tún un kọ, títí ó fi tọ́. Mo fa ojú ìwé náà ya kúrò, mo fún un. Mo fún un ni mo wí. Kò jí i.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá tí kò gbé fóònù mi. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n lẹ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ mọ́ ara ògiri ẹ̀ka wa, nítorí olùkọ́ ti gbà kí ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi wà pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá kíláàsì wa, ọmọkùnrin kan tó ti ń dá ṣe tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó mọ kóòdù. Orúkọ tèmi wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun nìkan. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé àṣìṣe ni.

Mo bá a níbi tí wọ́n ti ń ta omi. Kò lè wò mí lójú.

"Mọ́mì mi ló ní kí n ṣe é," ó ní. "Wọ́n ní tí sir bá pè ẹ́ láti wá explain code, zero ni fún èmi náà. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí sentiment ba result mi jẹ́. Má bínú."

"Ṣebí o ní wàá kọ́ mi?"

"Kò sí time mọ́ now."

Mọ́mì tó ń pè mí lọ́mọ. Mo ro ti kúlà ẹran, mo ro ti bí obìnrin náà ṣe máa ń ní kí n jókòó sún mọ́ fáànù. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n pa. Òótọ́ ni pé n kò mọ kóòdù. Ìyẹn ló jẹ́ kó gbóná, pé wọ́n jókòó, wọ́n gbé mi sórí òṣùwọ̀n, wọ́n rí i pé mo fúyẹ́, kò sì sẹ́ni tó pè mí láti sọ fún mi.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Dutse Alhaji tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn. Mo jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo tún àwòrán mi yà láti orí, ó mọ́ tónítóní lọ́tẹ̀ yìí, nítorí n kò tún ṣe àṣìṣe kankan. Ìwé ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ ni mo gbé kalẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ a, b, d. Mo kọ àtẹ náà sínú kóòdù: bó o bá wà ní ipò kìíní tí o rí a, lọ sí ìkẹta, bó o bá wà ní ìkíní tí o rí b, lọ sí ìkejì. Mo ní kó máa mú lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa wo àtẹ, kó máa pààrọ̀ ipò. Bí ọ̀rọ̀ bá parí, kó wò ó bóyá ó wà ní ipò kìíní tàbí ìkejì, nítorí àwọn yẹn nìkan ni iye a ti ṣeé pín. Mo tẹ aba. Ó gbà á. Mo fò sókè.

Mo tẹ bb. Kọ̀ǹpútà da ọ̀rọ̀ pupa sójú mi, ó dákẹ́ iṣẹ́.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù wá wò ó. "Kai! Aunty, wetin you do am?"

Mo jókòó, mo wò ó fún bíi wákàtí kan. Ó wá yé mi. Kọ̀ǹpútà wá ipò kejì pẹ̀lú lẹ́tà b nínú àtẹ, kò rí nǹkankan, nítorí èmi fúnra mi ni mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Fún mi, òfìfo túmọ̀ sí ikú. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyẹn. Ohun tí a kò bá sọ fún un kò sí. Mo kọ ipò karùn-ún sí i, ipò òkú: láti ìkejì pẹ̀lú b, lọ síbẹ̀, láti ìkẹrin pẹ̀lú b, lọ síbẹ̀, bó o bá ti débẹ̀, a ni o, b ni o, ibẹ̀ ni kó o wà. Mo tún tẹ bb. Ó kọ̀ ọ́. Mo tẹ abba. Ó kọ̀ ọ́. Mo tẹ babab. Ó gbà á.

"Yauwa!" ni ọkùnrin náà wí, kò sì mọ ohun tó ń yìn. Mo sunkún díẹ̀ níwájú rẹ̀. Ojú kò tì mí.

Ní ọjọ́ àlàyé, ọ̀rẹ́ mi àti ọ̀gá kíláàsì ni olùkọ́ kọ́kọ́ pè. Ó wo ìwé wọn, ó wo tèmi tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbé méjèèjì sókè kí gbogbo kíláàsì rí i. Òbìrípo kan náà, àtẹ kan náà, ojú méjì kan náà lófìfo. N kò tilẹ̀ ronú rẹ̀ rí pé mo yẹ kí n gba iṣẹ́ mìíràn. Èmi rò pé tèmi ni. Ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún olùkọ́ ni ojú ìwé tí mo fún un ní Dei-Dei, pẹ̀lú gbogbo ibi tí mo ti nù. Orúkọ rẹ̀ ló kọ sókè rẹ̀.

"Ta ló ya èyí?" ni olùkọ́ wí.

"Èmi ni, sà," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

Kíá ló wí i. Mo ti ń retí pé yóò dákẹ́ díẹ̀ ná.

"Sà, èmi ni mo yà á," ni mo wí.

"Níbo ni ìwé tó o kọ́kọ́ yà á sí wà? Tìrẹ yìí mọ́ jù. Ẹni tó ń da nǹkan kọ ni ìwé rẹ̀ máa ń mọ́ báyìí."

"Orí pákó ni, sà. Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Wọ́n ti tà á."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ní kí n lọ bá oníbàárà náà ká òrùlé rẹ̀ wá. Mo wo ọ̀rẹ́ mi, nítorí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó yẹn. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Olùkọ́ tẹ bb sínú kóòdù tiwọn. Ó gbà á. Ó tẹ abba. Ó gbà á. Ó yíjú sí ọmọkùnrin náà, ọmọkùnrin náà sì ṣàlàyé pé kóòdù ń dákẹ́ bó bá dé ibi òfìfo, nítorí náà òun ní kó dúró sí ipò tó wà bí kò bá rí ọ̀nà. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò sẹ́ni tó sọ fún un ohun tí òfìfo túmọ̀ sí. Olùkọ́ gé máàkì kóòdù wọn. Lẹ́yìn náà ló bi ọ̀rẹ́ mi pé, bó bá jẹ́ òun ló yà á lóòótọ́, kí ni ojú méjì yẹn ń ṣe lófìfo?

Ó gbé ojú sókè. "Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kú, sà. B méjì ti tẹ̀ léra. Mi ò fa ọ̀nà síbẹ̀ torí pé òkú kì í béèrè ọ̀nà."

Olùkọ́ tí kì í rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó lè sọ ọ́ báyẹn, òun ló yà á. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú tèmi ni? Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Òdo ni mo gbà fún àwòrán.

Ó wá pè mí síwájú fún kóòdù. Kò sí ẹnìkejì tí ó lè yàn. Mo ṣàlàyé rẹ̀ láti ìlà kìíní dé ìgbẹ̀yìn, ó ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sí i, kò rí àṣìṣe kankan. Ó fún mi ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, ó sì wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan, ṣùgbọ́n kò béèrè. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ló yọ mí nígbà tí èsì jáde. Ó kù díẹ̀ kó má tó, ṣùgbọ́n ó tó. Àbúrò mi wọlé sí yunifásítì ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tí èsì jáde ni ọ̀rẹ́ mi wá bá mi níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sí Dutse. Inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn. Ó fẹ́ dì mọ́ mi.

"Mo gbọ́ pé o pass! Ẹ̀rù bà mí gan-an nítorí rẹ."

Mo bi í ìdí tó fi sọ pé òun ló yà á. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ó wò mí bí ẹni pé ìdáhùn náà hàn gbangba, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ohùn tí a máa ń fi bá ara wa sọ òótọ́. "Mo rò pé o máa fail anyway. Mo ní kí drawing yẹn má kàn ṣòfò."

Ọkọ̀ dé, mo sì wọ̀ ọ́. Ó ṣì dúró níbẹ̀, ó ń juwọ́ sí mi.